Ìkíni Òkè, Ìdágbére Ìsàlẹ̀

Lọ́dún tí àwọn ará Igbó-Elérin kọ̀wé sí àwọn oníná, ilé ti pọ̀ ládùúgbò náà ju ohun tí tiransifọ́mà kan ṣoṣo lè gbé lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí oníkálukú tan iná ilé rẹ̀, gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Fíríìjì á máa kùn lásán, omi inú rẹ̀ kò ní tutù. Àwọn télọ̀ ti ta áyọ́ọ̀nù oníná wọn, wọ́n ti padà sídìí eléèédú.

Àsánì ni alága àwọn onílé nígbà náà. Ọmọ Ìlaròó ni, rédíò ló ń tà ní Alàbá. Ó lójú àánú, ó sì lápá, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn oníná fẹ́ pín tiransifọ́mà tuntun, pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ó gba ìwé ẹ̀bẹ̀ mọ, ó jókòó, ó kọ ìwé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Rónkẹ́ tó ń tẹ̀wé ní Okókomaikò.

“Sí máníjà ni,” ó wí. “Dear Sir ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.”

Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó ti tẹ ìwé náà tán, ojú ewé kan péré, kí Àsánì tó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lójú títì. Ọ̀rẹ́ náà ní òun mọ orúkọ máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, pé bí ènìyàn bá pe ẹni lórúkọ, onítọ̀hún kì í lè gbójú fò ó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Àsánì. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Rónkẹ́, ó ní kó tún un tẹ̀, kó yọ Dear Sir kúrò, kó fi Dear Mr Gbádébọ̀ sí i.

Rónkẹ́ fa bébà tuntun sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

“Alága, Yours faithfully lẹ kọ síbí. Ṣé kí n yí òun náà padà?”

“Èwo ló kàn án níbẹ̀? Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ilẹ̀ ń ṣú.”

Rónkẹ́ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Àsánì gbé ìwé náà káàkiri ládùúgbò. Onílé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú lábẹ́ ìdágbére náà, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ àtàńpàkò. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbọ́ ohun tó bá wá tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un, ilé Bàbá Májẹ́kódùnmí tó wà ní orígun ìta, níbi tí òpópónà méjì ti pàdé. Sójà ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ní bárékè Ọ̀jọ́. Ọdún ti gorí ọdún tí kò ti bá ẹgbẹ́ onílé da ohunkóhun pọ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àsánì kò bínú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá ku Màmá Ìbíyẹmí nìkan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé. Ìyá náà ti ṣe akọ̀wé fún ọ̀gá kan tẹ̀ lé òmíràn níléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Àpápá, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyá tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ funfun ìjọ wọn a máa mọ́ lára wọn bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Àsánì kí wọn, ó na ìwé sí wọn pẹ̀lú bírò.

Màmá fi gíláàsì sójú. Wọ́n ka òkè, wọ́n ka àárín, wọ́n ka ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọwọ́ kan bo àárín ìwé, wọ́n tún wo òkè, wọ́n tún wo ìsàlẹ̀.

“Àsánì, o kọ̀wé yìí dáadáa. Ohun tó ń ṣe wá gan-an ló sọ, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bára wọn mu.”

“Báwo, Màmá?”

“Bí o bá kọ Dear Sir, tí o kò dárúkọ ẹni náà, Yours faithfully ni wàá fi parí rẹ̀. Bí o bá dárúkọ rẹ̀ pé Dear Mr Gbádébọ̀, Yours sincerely ni. Ìwọ dárúkọ rẹ̀ lókè, o wá dágbére fún un nísàlẹ̀ bí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.”

Àsánì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Màmá, tiransifọ́mà la ń tọrọ. Ta ni yóò wo ìyẹn?”

“Bí àna rẹ bá wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ní ‘ẹ kú ilé o, Bàbá’, nígbà tó ń lọ, tó wá ní ‘ó dàárọ̀, máa sùn’, ṣé ìwọ kò ní wò ó?”

Àsánì tún wo ìsàlẹ̀ ìwé náà.

“Wàá wò ó. O lè má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wàá ní ẹni yìí kò fara balẹ̀ kó tó wá. Akọ̀wé tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwé àdúgbò mélòó ni yóò wà níwájú rẹ̀? Èmi jókòó sí irú àga yẹn rí.”

“Ó dáa, Màmá. Rónkẹ́ ní ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́. Ká fi kun faithfully, ká tẹ sincerely lé e lórí. Kò ní pẹ́.”

Màmá yọ gíláàsì wọn. Ohùn wọn kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ó le.

“Lẹ́yìn táwọn ènìyàn ti buwọ́ lù ú? Rárá. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fọwọ́ sí. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà lórí ọwọ́ wọn, ìwé náà kì í ṣe tiwọn mọ́. Bí àwọn oníná bá sì rí ọ̀dà lókè ọwọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n lè ní a yí i ni. A ó tún un tẹ̀. A ó sì tún gbé e káàkiri.”

“Ká tún gbogbo ilé wọ̀?”

“Èmi náà á bá ọ lọ.”

Inú Àsánì kò dùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wà, ọjà ń dúró dè é ní Alàbá. Ṣùgbọ́n ìyá tó tó bí i lọ́mọ ti wọ bàtà, wọ́n ti ń gba géètì jáde. Kò sí bó ṣe lè jókòó.

Lọ́dọ̀ Rónkẹ́, Àsánì rò pé ìsàlẹ̀ ni Màmá máa ní kí wọ́n yí. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Rónkẹ́ dá Dear Sir padà sókè, kó sì jẹ́ kí Yours faithfully wà láyè rẹ̀.

“Àga ni à ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹni tó jókòó lórí rẹ̀,” wọ́n wí. “Gbádébọ̀ yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n? O ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì lè gbé e lọ síbòmíràn lọ́la. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò ní ìwé yìí kì í ṣe ti òun.”

Nígbà tí bébà jáde, Màmá tún fi ọwọ́ bo àárín rẹ̀, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n mi orí pé ó ti tọ́. Àsánì ń wò wọ́n. Ó rántí bí òun náà ṣe máa ń gbé etí lé rédíò kó tó fún oníbàárà, kó má baà gbé e délé tán kí ohùn rédíò náà máa há. Láti ìgbà náà ni ìbínú rẹ̀ ti rọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé kíkàn. Oòrùn mú. Àwọn kan kùn pé ṣe bí àwọn ti fọwọ́ sí i. Màmá á fi ìwé àkọ́kọ́ hàn wọ́n, wọ́n á fi èkejì tì í, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tó yí padà, wọ́n á sì mú ìwé àkọ́kọ́ náà kúrò nílẹ̀ kí ọwọ́ tuntun tó bọ́ sórí èyí tó tọ́. Kò sí ilé tí wọ́n ti kánjú.

Bí wọ́n ṣe dé orígun ìta, Àsánì fẹ́ kọjá.

“Ilé yìí ńkọ́?” Màmá bèèrè.

“Bàbá Májẹ́kódùnmí kò fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́.”

“Èyí kì í ṣe ti àkọ́kọ́.”

Wọ́n kan géètì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, bàbá náà yọjú, ó kí Màmá, ó wo Àsánì tìfura-tìfura.

“O tún ti dé? Ìwé ọjọ́sí ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ kan ló yí padà, Bàbá,” Àsánì dáhùn, “la fi tún un tẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ kan?”

Màmá ṣàlàyé fún un, òkè àti ìsàlẹ̀. Bàbá náà gba ìwé, ó kà á tán. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, “Màmá, àwọn tó ti fọwọ́ sí ti ọjọ́sí, ẹ tún padà lọ bá gbogbo wọn nítorí èyí?”

“Gbogbo wọn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò kàn fi bírò tún un ṣe?”

“Ọwọ́ wọn ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò tọ́ kí n fi nǹkan míì sókè ọwọ́ ọlọ́wọ́.”

Bàbá náà fi ẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní nígbà ìgbìmọ̀ tó ṣáájú ti Àsánì, wọ́n gbé ìwé gọ́tà wá bá òun, pé ẹ̀yìn ilé ni gọ́tà máa gbà. Òun fọwọ́ sí i. Kó tó di pé wọ́n gbẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti fi bírò pa ẹ̀yìn rẹ́, ó ti kọ iwájú. Wọ́n fi ọwọ́ òun gan-an gbẹ́ iwájú ilé òun. “Ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé n ò ní fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ yín mọ́.”

Àsánì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà.

“Bàbá, ẹ má bínú. A ò mọ̀.”

“Dìde. Kì í ṣe ìwọ.” Ó na ọwọ́ sí Màmá. “Ẹ mú bírò wá.”

Wọ́n gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì oníná kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Nígbà tó ṣe, ẹnjiníà wá wo ibi tí wọ́n máa gbé tiransifọ́mà sí. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀; ojú ọ̀nà tóóró, ilé ti fún mọ́ ilé. Orígun ìta nìkan ló gba nǹkan náà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà Bàbá Májẹ́kódùnmí. Kí Àsánì tó ronú bí òun ṣe máa bẹ̀ ẹ́, bàbá náà ti ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n lè wó ògiri dé.

“Ẹ gbé e síbẹ̀,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Màmá kà á kí n tó fọwọ́ sí i.”

Nígbà ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Àsánì dìde, ó ní ká fi Màmá Ìbíyẹmí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Màmá ní àwọn ti dàgbà, àwọn kò lè máa sáré kiri mọ́. Àsánì ní òun ni yóò máa sáré, kí wọ́n máa jókòó kí wọ́n máa kà á. Màmá rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ó dáa, bí wọ́n bá ti lè máa gbé ìwé wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.