Gbólóhùn Èbúté Tí Khairiyyah Fi Sílẹ̀

“Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fi ẹ̀rí hàn mí pé a fi máàkì dù ú, èmi fúnra mi ni n ó dá a padà fún un.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí, olùdarí ilé ìtẹ̀wé kan ní Broad Street, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ olóòtú. Iwájú ni Khairiyyah jókòó sí, ó gbọ́ ọ yékéyéké. Láti ìgbà tó ti gboyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti wà nílé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Iga Ìdúngànràn, tí kò ríṣẹ́. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì ṣí sílẹ̀.

Ìtọ́ni tó wà lórí ìwé ìdánwò náà kò lọ́jú pọ̀: kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà kọ̀wé. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ nípa èbúté ọkọ̀ ojú omi: “The council agreed to immediately repair the jetty.” Khairiyyah kà á, ó tún un kà, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, máàkì gbólóhùn yẹn ni Fìyìnfólúwa, tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà, fi ṣíwájú rẹ̀.

“Nítorí immediately?” Mùs'áb, ẹ̀gbọ́n Khairiyyah, bú sẹ́rìn-ín nílé. “Àwa tí à ń ta fóònù, kò sẹ́ni tó bi wá rí pé níbo la gbé immediately sí.”

“Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín o, Bọ̀ọ̀dá.”

Kò sunkún. Ó kó ìwé atọ́nà èdè mẹ́ta sínú báàgì, ó mú ọ̀nà Broad Street pọ̀n.

Modúpẹ́, olóòtú àgbà tó yẹ ìwé wọn wò, ló bá nínú ọ́fíìsì.

“Ọ̀rọ̀ já wọ àárín to àti repair, o sì ń wò ó,” ni ìyẹn wí. “Nígbà tiwa, ẹgba ni wọn ì bá fi kí ẹ káàbọ̀.”

“Ta ló kà á léèwọ̀, mà?”

“Gírámà ni.”

“Gírámà kọ́, mà. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni àwọn olùkọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sọ pé kì í ṣe àṣìṣe.” Ó ṣí wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ wá wo èyí tí Fìyìnfólúwa kọ, tí ẹ fún ní máàkì: ‘agreed immediately to repair.’ Ẹni tó bá kà á báyìí lè rò pé kíákíá ni wọ́n fẹnu kò. Àtúnṣe fúnra rẹ̀ lè dúró di àmọ́dún.”

“Gbé e sẹ́yìn pátápátá nígbà náà: ‘to repair the jetty immediately.’”

“Ó dára bẹ́ẹ̀, mà. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà dára. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé ló ń sọ. Ẹ sì ní ká má fọwọ́ kàn án.”

Modúpẹ́ dìde, ó mú un lọ bá olùdarí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí fara balẹ̀ ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Òótọ́ lo sọ. Kì í ṣe àṣìṣe. A fi máàkì dù ọ́.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Khairiyyah wí.

“Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ni olùdarí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Bí wọ́n bá rí i nínú ìwé wa, wọ́n á ní a ò mọ̀wé.”

“Ìyẹn lè jẹ́ òfin ilé yín, sà. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú ìtọ́ni ìdánwò?”

“A ó kọ ọ́ sí tọdún tó ń bọ̀.”

“Èmi tí mo ṣe tọdún yìí ńkọ́, sà?”

Olùdarí wo Modúpẹ́. Ilẹ̀ ni Modúpẹ́ ń wò. Nílé ìtẹ̀wé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fagi lé ohun tí olóòtú àgbà bá fi báírò pupa kọ. Àṣà tí wọ́n bá níbẹ̀ nìyẹn, olùdarí pàápàá kì í ré e kọjá.

“Bí mo bá yí i padà lónìí, ta ló tún máa gbọ́ràn sí Modúpẹ́ lẹ́nu níbí?” ni olùdarí wí. “Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Wàá ríṣẹ́ síbòmíràn.”

“Ibo, sà?”

Olùdarí gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú. Khairiyyah pa ìwé rẹ̀ dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú báàgì, ó sì kí àwọn méjèèjì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ó dàbọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Fìyìnfólúwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí gbà pé wọ́n fi máàkì du Khairiyyah. Kò dá a padà.