Omi Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Wọ́n mọ èmi Mùínàt ní gbogbo Jákàǹdè pé ẹnu mi mú bí abẹ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ìbá wúlò lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Èèyàn burúkú ni mí.

Ibà ló dá Ìsìmáílà ọkọ mi dùbúlẹ̀. Oògùn kẹ́mísìtì ló ń lò fún ọjọ́ mẹ́rin kí ojú rẹ̀ tó pọ́n, kí ìtọ̀ rẹ̀ tó dúdú. Nílé ìwòsàn l'Ájàh, abẹ́rẹ́ lé ibà lọ, àmọ́ kíndìnrín ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìtọ̀ odidi ọjọ́ kan kò kún ife kan.

Dókítà Àníọlá ní, "Àǹtí, omi ò ríbi gbà jáde mọ́. Ìwọ̀n ìtọ̀ àná, ká fi ìdajì lítà lé e, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wọlé lónìí, tẹnu àti tabẹ́rẹ́. Èyí tó bá lé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Kíndìnrín lè jí fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí tí omi bá fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ló máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí níbí, a ó gbé e lọ síbi tó wà ni."

Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́ ń wọn gbogbo ẹ̀, ó ń kọ ọ́ síwèé.

Àlájà, ìyá ọkọ mi, ṣe hùn. "Ẹni tí ò rí ìtọ̀ tọ̀, ṣé kì í ṣe omi ló nílò ni?" Wọ́n fa kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù yọ, èyí tí wọ́n gbé ti Mẹ́kà bọ̀. "Èyí kì í ṣe omi. Oògùn ni." Òùngbẹ ń gbẹ ọkọ mi, ó ń bẹ̀ mí. Bí Jùmọ̀kẹ́ bá ti kẹ́yìn, màá gbé ife sí i lẹ́nu. Ọjọ́ méjì gbáko.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ó ń mí gúlegúle, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà wo ìwé títí. "Omi tó wọlé ò pọ̀. Àbí ibà ló kọlu ẹ̀dọ̀fóró? Ẹ dákun, ṣé ẹnì kankan fún un lómi?"

Àlájà wò mí. Mo ní, "Rárá o."

Wọ́n bá fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tó ń lé omi jáde, a sì ń retí. Títí ọ̀sán, ẹ̀kán ìtọ̀ kan ò jáde. Dókítà pariwo pé ẹ̀rọ ti di dandan, pé ká ní àwọn mọ̀ pé omi ni, wọn ì bá ti gbé e lọ láti àárọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé wa débẹ̀, ọkọ mi ti kú. Yéè, Ìsìmáílà!

Lọ́jọ́ fìdáù, Àlájà ń sọ fún gbogbo àlejò pé àwọn dókítà ló pa ọmọ àwọn. Jùmọ̀kẹ́ náà wá. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ń sunkún. "Àǹtí, ẹ foríjì mí. Kò sí àní-àní, èmi ni mo ṣi omi wọ̀n."

Mo gbé e dìde. Mo ní mo ti foríjì í.