Ẹnu Màmá Julianah Gan-an

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu, ẹ ní kó lọ bá Wúrà ní Igbona, l'Óṣogbo. Yàrá kan ló háyà níbẹ̀, tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń kà níbi ayẹyẹ àti lórí rédíò. Bó bá ṣe é re, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ló ṣe é. Ìyẹn ń dùn ún díẹ̀.

Màmá Julianah ló pè é láti Iléṣà. Òun ni Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan, wọ́n sì fẹ́ dìbò yan Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìkórè wọn. Lọ́dún tó kọjá, Cornelius ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo, ló kọ ọ̀rọ̀ fún un. Màmá kà á bí ẹni ń ka ìwé owó orí. Ni Phebe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tóun náà ń du ipò ọ̀hún, bá dìde: “Cornelius ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká kúkú fi Cornelius jẹ Ìyá Ẹgbẹ́.” Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán títí dòní.

“Ọmọ mi,” ni Màmá wí, “bí mo bá tún ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ́dún yìí, Phebe ti gbà á nìyẹn. Bí mi ò bá sì ka nǹkan kan, màá sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì á fi tutù. Kọ ọ́ kó jẹ́ èmi.”

Màmá gba ohùn ara rẹ̀ sórí fóònù níbi tó ti ń bẹ iṣu, ó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wúrà tẹ gbogbo rẹ̀ jáde: ikọ́, òrùlé tó ń jò, èébú fún ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo, òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní: “Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa nílò àtúnṣe kíákíá.” Ó kà á fún Màmá lórí fóònù.

Màmá bi í pé: “Ta nìyẹn?”

Ó dun Wúrà wọra. Àṣé òun náà ti di Cornelius! Ó fi okùn ìgbọ́hùn fóònù sétí, ó tún ohùn náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí ló kíyè sí i pé Màmá kì í sọ̀rọ̀ jìnnà kó má pe orúkọ ẹnì kan. Ohun tí Wúrà ti gé dànù bí èèpo iṣu gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Ó bá yọ ikọ́ àti ewúrẹ́ nìkan kúrò, ó pa àsọtúnsọ òrùlé pọ̀ sójú kan, ó sì dá ìyókù padà bí Màmá ṣe sọ ọ́, “ulé” Ìjẹ̀ṣà tó ti sọ di “ilé” pàápàá:

“Ulé yìí ń jò.
Lọ́jọ́ Sunday, orí Phebe ló ń kán sí.
Ó ṣí agboòrùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ìyàwó gómìnà.
Phebe, àbí irọ́ ni mo pa?”

Ìlà kan, èémí kan. Níbi tí ohùn Màmá ti máa ń dúró, ó kọ ohun tó yẹ kí Màmá ṣe sí àárín bírákẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣàlàyé pé kò gbọdọ̀ kà á síta. Nítorí ojú àgbà, ó tẹ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà kan náà. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìkórè, Wúrà jókòó sẹ́yìn. Màmá bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dé ibi agboòrùn. Ó bi Phebe bóyá irọ́ lòun pa, ó sì ka ti inú bírákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn láìmí:

“Ẹ dánu dúró. Ẹ wo Phebe. Ẹ má rẹ́rìn-ín.”

Wúrà fẹ́ dìde. Ó ti bà jẹ́! Àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti dákẹ́, gbogbo orí ti yí sọ́dọ̀ Phebe, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bí wọ́n tilẹ̀ ti di ẹnu mú tí èjìká wọn ń mì. Phebe fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé kan.

Ìbò kò pẹ́. Wọ́n ní kí Màmá Julianah máa ṣe é lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, Phebe ń nu omijé ẹ̀rín. Ó di apá Wúrà mú, ó rò pé àlejò kan lásán ni.

“Ìwọ náà gbọ́ ọ àbí? Ẹnu Julianah gan-an nìyẹn. Kò sí akọ̀wé kankan láyé yìí tó lè kọ irú ìyẹn.”

Wúrà kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un.

“Kò sí lóòótọ́, mà,” ló sọ.