Yorùbá Tí Lubabah Tì Sísàlẹ̀ Fídíò

Ọjọ́ tí Lubabah wá gbaṣẹ́ ní yàrá òkè kan ní Kokomlemle, ní Accra, ìbéèrè mẹ́ta ni Ikrimah tó ni ibẹ̀ bi í. Ó ní ṣé ó lè kọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ó lè kọ Twi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Yorùbá ń kọ́? Ẹ̀yin Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi, ọmọ Hausa sì lèmi, n ò gbọ́ ọ." Lubabah tún ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òótọ́ ni méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni ahọ́n rẹ̀ ti yọ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe kó ọ̀rọ̀ náà padà. Accra ni wọ́n bí i sí. Bí Sàká bàbá rẹ̀ bá ń sọ Yorùbá nílé, gbogbo rẹ̀ ló ń yé e, ṣùgbọ́n Twi ló fi ń dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì kọ gbólóhùn Yorùbá kan sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó níwájú àjèjì kó sọ pé òun ò lè kọ èdè bàbá òun?

Fídíò kéékèèké ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, èyí tí kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, tó dúró gbọọrọ bí fóònù. Lubabah ló ń kọ ọ̀rọ̀ sójú àwòrán, nítorí àwọn tó ń wò ó lọ́jà àti nínú tírótírò, bọ́ọ̀sì akérò, kì í sábà ṣí ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti tẹ̀ mọ́ àwòrán báyìí kò ṣeé yọ mọ́ bí fídíò bá ti jáde. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n padà sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé òmíràn jáde. Èyí tó bá sì ti bọ́ sórí fóònù àwọn èèyàn, ó ti lọ nìyẹn.

Oṣù méjì kọjá, iṣẹ́ Yorùbá kankan kò yọjú, ọkàn Lubabah sì balẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, Hajia Fáòsíà gun òkè wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ nínú ọjà Dansoman, mọ́sálásí kan náà ni òun àti bàbá Lubabah sì ń lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta omi ìfọlẹ̀ kan tó lágbára gan-an. Ìdérí kan ni wọ́n ń dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, ẹni tó bá sì ń lò ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ọ́ ní Twi," ni Hajia wí, "ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni Yorùbá. Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ò tíì gbọ́ Twi. Lubabah, ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́ o."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà."

Kíá ló parí Gẹ̀ẹ́sì àti Twi. Ìgbà tó kan Yorùbá, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ̀. Èwo ló ń gba àmì nísàlẹ̀, èwo ni kì í gbà á? Ó gbìyànjú. Irú lẹ́tà aláràbarà tó fẹ́ràn láti máa lò kò mọ lẹ́tà Yorùbá. Níbi tó bá ti tẹ ẹ tàbí ọ, àpótí òfìfo ló ń hàn lójú àwòrán. Ó mọ̀ pé irú lẹ́tà mìíràn wà tó gba àmì Yorùbá dáadáa. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá mú un, òun yóò ní láti fi àmì síbi tó yẹ, ibẹ̀ sì ni àìmọ̀ òun yóò ti hàn. Ló bá yọ gbogbo àmì kúrò, lókè nísàlẹ̀.

Nígbà tó kà á padà, ojú tì í. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Ó dín lẹ́tà rẹ̀ kù, kò tó. Ó tún un dín. Ó gbé Twi sókè, ó gbé Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, ó wá ti Yorùbá lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ní funfun, lórí ibi tí ìfóòfó ọṣẹ ti funfun balau. Kò fi dúdú yí lẹ́tà ká, kò sì fi àwọ̀ kankan tẹ́ abẹ́ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún èdè yòókù. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò rí i. Òdodo ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i.

Ikrimah wò ó lórí kọ̀ǹpútà. "Yorùbá yìí kéré."

"Ó hàn, bọ̀ọ́dá."

"Ta ló bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ikrimah mi orí, ó gbé fídíò náà jáde. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù, níbi tí orúkọ oníṣòwò àti àlàyé tó wà lábẹ́ fídíò ti ń bo ìsàlẹ̀ àwòrán mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Hajia pè wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan jókòó lórí àpótí ọṣẹ, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́. Tinúkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń fọ ilẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan. Ó da omi ìfọlẹ̀ náà sílẹ̀ láìbu omi là á, ó fi àkísà àti ọwọ́ lásán fọ gbogbo ilé ìdáná, nígbà tó fi máa ṣe tán, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣí.

"Ṣé o ò rí i nínú fídíò ni?" Ikrimah bi í ní Twi. Hajia túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Mo wò ó," ni Tinúkẹ́ wí. Kò bínú, ìyẹn ló dun Lubabah jù. "Obìnrin inú rẹ̀ ń da nǹkan, mo rí i. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀rá, n ò mọ̀ pé ó wọ nǹkan. Mo rí i pé Yorùbá wà nísàlẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn. Mo gbé fóònù súnmọ́ ojú, mo gbé e jìnnà. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo ní bóyá ìwé tí mo kà ni kò tó."

Hajia mú fóònù. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ló gùn lé ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, ìlà kejì sì ń rá mọ́ ìfóòfó lójú. Ó dá fídíò náà dúró, ó fẹjú, ó kà á síta: "Wo ibowo." Ó gbójú sókè. "Wo ibo? Kí la ní kí wọ́n wò?"

"Wọ ìbọ̀wọ́ ni, mà," Lubabah dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Bàbá rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò," Ikrimah wí. Ó fẹ́ gbè é lẹ́yìn ni.

Ẹnu ya Hajia. "Sàká? Sàká tó jẹ́ tíṣà ní Ọ̀fà kó tó wá síbí? Òun ló rí èyí tó ní ó dáa?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí Lubabah ti sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, ó rí báńdéèjì, ó rí ojú Hajia, ó pa ẹnu dé. Nígbà tí wọ́n padà sí Kokomlemle, Ikrimah pa fídíò náà rẹ́ kúrò lójú ewé Hajia lórí ayélujára. Lubabah ń wò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá rẹ̀ ti mọ́sálásí dé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó pe Lubabah.

"Hajia Fáòsíà dúró dè mí lóde mọ́sálásí lónìí. Ó ní fídíò kan tí mo yẹ̀ wò ti bó obìnrin kan lọ́wọ́."

Lubabah kúnlẹ̀. "Bàbá."

"Mo sọ fún un pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo ní kó má bínú, àṣìṣe mi ni. Èèyàn bíi mẹ́rin ló wà níbẹ̀."

Òun tí àwọn tó kọ́ ní kíláàsì ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí títí dòní, ló dúró nínú oòrùn tó ń tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ká ní ó na Lubabah ni, ì bá sàn. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn. Lubabah sunkún títí ìmí rẹ̀ fi ń gé, lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, bó tilẹ̀ ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Twi ì bá rọrùn fún un. Kò rò pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

"Kí ló dé tí o ò gbé e wá bá mi?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́."

Bàbá náà wo ilẹ̀. "Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó wí. "Èmi náà ò ṣe dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, Lubabah dá lọ sí ọjà Dansoman. Tinúkẹ́ wà níbẹ̀. Hajia ló ń tọ́jú rẹ̀. Lubabah kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, lójú àwọn oníbàárà, ó ní bàbá òun kò rí fídíò náà, òun ló parọ́. Ó ní òun kò mọ Yorùbá kọ, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ni.

Hajia gbé ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O jẹ́ kí n dójú ti bàbá rẹ ní gbangba," ó wí. "Èmi gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìwọ, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ."

Tinúkẹ́ ní kó dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ le.

Ikrimah náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò lé e. Ó ní òun náà jẹ̀bi, òun tó gbé ohun tí òun kò lè kà jáde láìwò ó lórí fóònù. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n yọ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lójú àwòrán kan ṣoṣo, wọ́n ṣe fídíò kan fún èdè kọ̀ọ̀kan. Bàbá Lubabah jókòó tì í pẹ̀lú awò lójú, ó ń fi àmì síbi tó yẹ. Níbi tí gbólóhùn bá ti gùn jù, ó gé e kúrú, kí ó má bàa ju ìlà méjì lọ, kí èèyàn sì rí i kà tán kó tó yí. Lẹ́tà tóbi, ó funfun lórí pátákó dúdú, ó sì ga ju ibi tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ń bò lọ. Kí wọ́n tó gbé e jáde, Lubabah gbé e sórí fóònù, ó mú un lọ bá Tinúkẹ́, ó nà án jìnnà díẹ̀ sí i, ó pa ohùn rẹ̀. Tinúkẹ́ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀. Ó ní ó hàn.

Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò tán. Àwọn kan ti fi ránṣẹ́ sí ara wọn kí wọ́n tó pa á rẹ́. Bíi oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, Raqeebah, fi í ránṣẹ́ sí i láti Jamestown, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ rẹ kọ́ nìyí? Ó mà dáa o." Lubabah wo lẹ́tà funfun kéékèèké náà nínú ìfóòfó. Ó fi fídíò tuntun ránṣẹ́ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlàyé lábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àmì, pé kí Raqeebah jọ̀ọ́ pa ti ìṣáájú rẹ́, kí ó sì sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i.