Rúlà Màdáàmù Rissikatou

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú olùkọ́ tí Rissikatou jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ bi tábìlì rẹ̀ léèrè. Etí tábìlì náà ti bó yánnayànna, rúlà ló sì bó o. Ní ilé-ìwé kékeré kan lọ́nà Kika, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ CM2, àwọn tó fẹ́ ṣe CEP, ìdánwò tí ń gbé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ní kékeré ló ṣe ń kọ́ wọn ní ìṣirò orí: á ka ìbéèrè, á fi rúlà lu tábìlì kí wọ́n ronú; á tún lù ú, kí wọ́n kọ ìdáhùn sórí síléètì; á lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo síléètì á gòkè. Ọ̀nà náà dára, kò sí olùkọ́ agbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Rissikatou kì í lù ú jẹ́jẹ́. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn fèrèsé gan-an mọ ìró rúlà náà, wọn kì í dúró gbọ́ ẹ̀kejì.

Nínú kíláàsì yẹn ni Bilkis wà. Ó ti ṣe ìdánwò náà lọ́dún tó kọjá, ó sì fìdí rẹmi. Ẹ má pè é ní olódo o. Bí bàbá rẹ̀, Saliou, tó jẹ́ àgbẹ̀ kajú, bá ń gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, ọmọ náà á ti ro gbogbo ìwọ̀n pọ̀ lórí kí oníbàárà tó rí fóònù rẹ̀ yọ lápò. Nínú kíláàsì ńkọ́? Síléètì rẹ̀ á gòkè ní òfìfo. Saliou sì ti là á mọ́lẹ̀: bó bá tún fìdí rẹmi, ilé-ìwé parí nìyẹn, Tchatchou ló ń lọ, á lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa ni iṣẹ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni Bilkis fẹ́ ṣe, ó sì ń sọ ọ́ láti ìgbà tí kò tíì lè dá bàtà wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí sáà tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, Rissikatou ka ìbéèrè, ó gbé rúlà sókè. Kí rúlà tó balẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí Bilkis. Ọmọ náà ti dijú pa. Èjìká rẹ̀ ti gòkè kan etí, ẹfun sì ti kán sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Rúlà balẹ̀, gbàgà! Síléètì gòkè, ti Bilkis ṣófo. Rissikatou la ẹnu láti pariwo mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó tún rí ẹfun tó kán náà, ó sì gbé rúlà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, ó pè é sábẹ́ igi máńgòrò.

"Bilkis, mẹ́jọ lọ́nà méje?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, Màdáàmù."

"Ohun tí mo bi yín lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

"Bí ẹ bá ti gbé rúlà sókè, àyà mi á já. Bó bá ti já, gbogbo nǹkan á kúrò lórí mi. Bó ṣe ṣe mí lọ́jọ́ ìdánwò náà nìyẹn. Màdáàmù tó ń ṣọ́ wa lu tábìlì bíi tiyín gẹ́lẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Rissikatou wọra. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń bá àwọn ẹlòmíràn wíjọ́: oòrùn mú jù, àpèkọ le jù, àwọn òbí kò bìkítà. Kò tíì wo ọwọ́ ara rẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Rissikatou kò ráyè ẹkún. Ìdánwò ti súnmọ́lé, ó sì ní ọmọ kan tí kò gbọ́dọ̀ lọ sí Tchatchou.

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ rí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi ṣẹ̀fẹ̀ délé. Ó kọ́kọ́ nu igun pátákó, níbi tó ti máa ń kọ iye ọjọ́ tó kù sí ìdánwò láràárọ̀ bí ẹni ń ka ọjọ́ tí ìyà máa jẹ wọ́n. Ó ti rúlà bọ inú dúróà. Ó fi eegun ìka kan tábìlì, kó, jẹ́jẹ́.

"Èyí tí mo kàn yìí, ẹ má tíì ronú. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ọwọ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Ẹ fa èémí símú, kí ẹ fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu, kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ, bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n rín in tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe é. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é, ìdánwò wà tàbí kò sí, nítorí nǹkan tí èèyàn bá ń ṣe lọ́jọ́ ẹ̀rù nìkan, ẹ̀rù náà ni á máa rán an létí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìdánwò kékeré, á ní kí kálukú kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sórí síléètì, kí ó sì nù ún. Kò sẹ́ni tó máa kà á. Ọmọ kan kọ tirẹ̀ títí ó fi yí síléètì sí ẹ̀yìn.

Ẹnu rẹ̀ ló ṣòro jù láti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun, á ní, "Ẹ̀rù kí ni? Ìwọ nìkan lò ń ṣe é ni?" Ní báyìí, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Mo gbọ́. Ara rẹ ń múra iṣẹ́ ni. Ka ìbéèrè náà tán. Èwo lo mọ̀ níbẹ̀? Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀." Á sì dúró. Dídúró yẹn máa ń yún un lára.

Síléètì Bilkis ṣì ń ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ìdajì ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí odindi kọ́kọ́ hàn, Rissikatou kò pariwo ayọ̀. Ó mi orí sí i, ó kọjá lọ bí ẹni pé nǹkan ojoojúmọ́ ni.

Ìgbà ìdánwò ìgbáradì ni Dirẹ́tọ̀ wọlé. Nafiou lorúkọ ọ̀gá ilé-ìwé náà, èèyàn rere tí ohùn rẹ̀ ń dé òpópónà. Ó bá gbogbo kíláàsì tí wọ́n na ọwọ́ sórí tábìlì, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

"Kí lèyí? Aago ń lọ, ẹ̀ ń sùn! Ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?"

Èjìká Bilkis gòkè. Ìwé rẹ̀ ṣófo títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àkókò. Inú bí Rissikatou, ó bí i gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá dúróà. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ó mí síta.

"Dirẹ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta."

Níta, Nafiou kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀rù ló mú èmi kàwé, Màdáàmù."

"Ó lè mú wọn kàwé nílé. Níbi ìdánwò, ńṣe ló ń pa ohun tí wọ́n kà rẹ́. Ẹ ṣáà ti rí ìwé Bilkis."

"Bon. Máàkì wọn, mo máa kà á níwájú àsíá bí a ṣe ń ṣe, láti ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn."

"Rárá o. Ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni mo máa fi tirẹ̀ lé."

"Bí wọ́n bá wá fìdí rẹmi ńkọ́?"

"Ẹ sọ pé èmi ni mo fà á."

Nafiou gbà, tipátipá. Rissikatou kò tíì ṣe tán. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́ sí nǹkan kan. Ẹ máa wá ṣọ́ wọn fún mi láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ lu tábìlì bó ṣe wù yín. Mo fẹ́ kí etí wọn mọ ohùn tí kì í ṣe tèmi."

Kò sí ohun tí Dirẹ́tọ̀ fẹ́ràn tó kí wọ́n ní kó lu nǹkan. Ó wá lóòótọ́. Rissikatou ti ń fi kún ìró tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka, ọwọ́, rúlà pàápàá, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Nafiou lu tábìlì, gbàgà, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bilkis gbọ̀n, ó na ọwọ́, ó mí síta, ó kọ̀wé.

Ó ku Saliou. Rissikatou bá a lóko kajú.

"Tonton, láti òní lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ aránṣọ sétí rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ìdánwò, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí i lójoojúmọ́, ó tán."

"Tata Rissi, bí mi ò bá dẹ́rù bà á, eré ló máa ṣe."

"Ọmọ tó ń gbọ̀n, ṣé eré ló ń ṣe?"

Saliou ṣa kajú bíi mélòó kan sínú agbọ̀n kó tó dáhùn. "D'accord. Màá gbìyànjú."

Ó gbìyànjú. Ní àárọ̀ ìdánwò, ó fi alùpùpù gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwé tí wọ́n ti ń ṣe é ní Tchaourou. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì. Ohun tó jáde ni, "Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ. A óò jẹun lọ́sàn-án." Lẹ́yìn náà ló yí alùpùpù padà kíá kó má baà sọ ìyókù.

Àwọn olùkọ́ tó ni ọmọ kì í wọ inú yàrá. Àwọn tí ọmọ kò mọ̀ ló ń ṣọ́ wọn. Rissikatou àti Nafiou dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá tí Bilkis wà. Wọ́n pín ìwé. Rúlà ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí balẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà. Gbogbo orí wólẹ̀, bírò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bilkis gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

"Kò kọ nǹkan kan!" ni Nafiou ń sọ. "Màdáàmù, ẹ wo ohun tí ẹ kọ́ ọmọ! Ẹ pè é!"

Rissikatou mọ̀ pé bí òun bá ké pe Bilkis báyìí, ohùn òun ni á bà á jẹ́. Ó di irin ọgbà mú. Ọwọ́ Bilkis wà pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ka ìwé náà síwájú, ó ṣí ojú ewé kejì, ó fi ìka tọ́ka sí ibì kan, ó sì gbé bírò.

Nafiou nu òógùn ojú rẹ̀. "Láti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ibi tó mọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, Dirẹ́tọ̀."

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ilé Rissikatou ni Saliou gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ dára jù. Irọ́ ni. Kò lè dá wò ó ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ tẹ nọ́ńbà ìdánwò sórí fóònù. Ó ṣì í tẹ̀. Ó tún ṣì í tẹ̀. Fóònù já bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù ejò lóko sì ń wò ó bí ẹni pé ejò ni.

Bilkis jókòó tì í. Ó fi eegun ìka kan bẹ́ǹṣì, kó, jẹ́jẹ́.

"Baba, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín. Ẹ fà á símú, ẹ fẹ́ ẹ jáde, kó pẹ́."

Saliou ṣe é. Rissikatou kọjú sí ògiri, kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Bilkis mú fóònù nílẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó dúró, ó sì gbé e sí iwájú bàbá rẹ̀. ADMISE ni wọ́n kọ síbẹ̀: ó ti yege.

Saliou wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì padà pẹrẹsẹ sórí itan.

"Bilkis," ló wí, "tún bẹ́ǹṣì yẹn kàn fún mi."