Ohùn Láti Ìsàlẹ̀ Kànga

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tó tún jẹ́ ká ríra lórí ewé tákàdá yìí, Ẹni tó fún ọmọ tuntun ní etí tó ń gbọ́ràn, tó sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti akọ̀wé kan fún yín.

Ìbéèrè kẹtàlá ló wà lẹ́nu Akọ̀wé nígbà tí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nawọ́ sí ìwé ìròyìn.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí wọn ni. Bàbá ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, Akọ̀wé ti mirí, ó ti ní, "Ó dáa, sà," ó sì ti bọ́ sórí èyí tó kàn: "Ṣé àdúgbò yìí náà ni wọ́n bí yín sí?" Bàbá ò dáhùn. Ọwọ́ wọn ti kan ìwé náà.

Akọ̀wé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Tíṣà, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ti kìlọ̀ fún un lójú ọ̀nà. "Bàbá mi kì í lé ẹnikẹ́ni jáde. Tí ọ̀rọ̀ èèyàn bá ti sú wọn, ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ń gbé. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ ròyìn ara rẹ̀ títí wọ́n fi kà á dé ojú ewé ìkéde òkú. Kò padà wá mọ́. Èmi náà ò sì lè fẹ́ ẹni tí bàbá àti ìyá mi ò bá fọwọ́ sí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ogún ìbéèrè sórí, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe ń kọ́ àkọ́sórí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń jókòó sídìí fèrèsé ilé ìwòsàn ńlá kan, tó ń kọ káàdì fún aláìsàn. Orúkọ? Ọjọ́ orí? Níbo ló ń dùn yín? Ta ni ká pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Ó lè kọ ogójì káàdì kó tó jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wọ pálọ̀ àwọn àgbà méjì yìí láìmọ̀.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, tí wọ́n sún àwo bisikíìtì mọ́ ọn, "ṣé wọ́ọ̀dù lo fẹ́ gbé wa wọ̀ ni? Ó ku kó o ki nǹkan sí wa lábíyá, kó o wò ó bóyá ara wa ń gbóná."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, òógùn sì bò ó.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Ogún ìbéèrè ni mo kọ́ sórí. Ó ku méje."

Ọwọ́ bàbá dúró lórí ìwé ìròyìn. "Da méje yẹn nù. Kí lò ń wò lára ògiri látìgbà tó o ti jókòó?"

Lóòótọ́ ló ń wo nǹkan. Okùn ńlá kan tí wọ́n ká roboto wà lórí ìṣó, ó ti gbó, ó sì ń dán bí awọ.

"Okùn yẹn ni, sà. Kò sí nínú ìbéèrè mi."

"Agbẹ́kànga ni mí," ni bàbá wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Kànga mélòó, sà? Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní, "Báwo ló ṣe máa ń rí nísàlẹ̀ níbẹ̀?" ó sì panu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ gùn. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí i, Tíṣà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bàbá gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó tutù. Tó o bá gbójú sókè, ọ̀run ò ju ẹnu ife lọ. Tómi bá ti sún mọ́, wàá gbọ́ òórùn rẹ̀ kó o tó rí i. Kì í dà lójijì. Ńṣe ni ilẹ̀ máa ń làágùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ni mo máa ń ṣí fìlà mi."

"Ẹ ń ṣí fìlà, nínú òkùnkùn yẹn? Ta ló ń wò yín, sà?"

"Ẹni tó dá omi ni."

Akọ̀wé tún gbójú sí okùn ara ògiri.

"Ìyá yìí ni kó o bi nípa okùn," ni bàbá tún wí. "Àwọn ló ni ín."

"Ọkùnrin méjì ló máa ń yí igi tí okùn ń ká lé lórí," ni ìyá wí. "Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú kan máa ń wà nínú ilẹ̀, kò lóòórùn, kò láwọ̀. A máa ń sọ àbẹ́là tó ń jó kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá kú, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé. Ṣùgbọ́n ó lè dé nígbà tí ọkọ mi ti ń gbẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. N kì í bi í pé, 'Ṣé kò sí?' Ọkùnrin á máa ní kò sí títí á fi ṣubú. Mo máa ń ní kó ròyìn ohun tó ń rí fún mi ni, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀."

Wọ́n bu tíì mu.

"Lọ́jọ́ kan, oyún ọmọ yìí ti pé oṣù mẹ́fà, mo ní báwo ni àwọ̀ ilẹ̀ ṣe rí. Ó ní pupa. Mo ní pupa bíi kí ni? Ó ní pupa. Ọkọ tèmi, tí kì í rí yẹ̀pẹ̀ kó má fi wé nǹkan mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n fà á."

"Nígbà tí mo yọ síta, n ò mọ orúkọ ara mi," ni bàbá wí.

Tíṣà ti gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"O ò bi wá rí. Ẹ̀kọ́ lo máa ń kọ́ wa tó o bá dé," ni ìyá wí.

Akọ̀wé ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo arúgbó obìnrin kúkúrú yìí bí ẹni tó ń wo òkè gíga kan. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi fa ènìyàn jáde nínú ilẹ̀. Òun náà ti ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mélòó nínú wọn ló ti ní pupa, tí òun kọ pupa sílẹ̀, tí òun pe ẹni tó kàn?

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni ìyá bi í. "Kí lò ń rí láti ojú fèrèsé tìrẹ?"

Ó fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ohun mìíràn ló jáde.

"Ìyá arúgbó kan wá lóṣù tó kọjá, mà. Wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Wọ́n ní ọdún tí eéṣú jẹ oko tán ni. Káàdì ò ní àyè fún eéṣú. Mo kọ ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N ò wojú wọn."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò burú. Ìyá bu tíì kún ife rẹ̀, wọ́n sì ní, "Eéṣú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí nǹkan o," Akọ̀wé sì tún ń sọ̀rọ̀ lọ, nípa ohùn ìyá arúgbó yẹn, nípa bí wọ́n ṣe di káàdì náà mú. Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Pálọ̀ dákẹ́. Kò sì wá nǹkan tí yóò fi dí ìdákẹ́jẹ́ náà.

Orí bàbá ti ṣubú sí àyà wọn.

"Bàbá mi kì í sùn níwájú àlejò," ni Tíṣà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rọra," ni ìyá wí. "Ta ló pè é lálejò?"

Akọ̀wé jókòó láìmira. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Èémí arúgbó náà ló ń fetí sí, bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde.

Kí Ọlọ́run fún ìwọ tó ka ìtàn yìí ní ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ láti òkè, kó sì fún ọ ní etí tí ìwọ náà yóò fi gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àmín.