Mo Fi Téèpù Aránṣọ Wọn Páànẹ́ẹ̀lì

Mi ò lè pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ. Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń pè mí ní "Ìyàwó wa", ó ń fi "ẹ" dá mi lóhùn nítorí ọjọ́ orí mi. Ẹni tó bá gbọ́ wa lókèèrè á rò pé a fẹ́ràn ara wa.

Iná sólà ló da àárín wa rú pátápátá. Dókítà eléyín kan gba òkè ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ mi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya ẹnu sílẹ̀ fún òun. Onílé bá fún mi di ìparí oṣù: kí n gbé jẹnẹrétọ̀ náà kúrò, tàbí kí èmi gan-an kúrò. Ọ̀ọ́dúnrún yunifọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kan sì wà lọ́wọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ rán tán kí àwọn ọmọ tó wọlé. Bí mi ò bá rí iná tó lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti áyọ́ọ̀nù kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù á sì tẹ̀lé e.

Òpópónà kejì sí tèmi ni Ọkọ mi kékeré ti ń ta sólà. Ìyá ọkọ mi ti pè mí lórí fóònù pé ọjà yìí ò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ẹbí. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Gbígbọ́ ni mo ní mo gbọ́, mi ò ní mo gbà.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ dè mí: páànẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí wọ́n kọ wáàtì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta sí lẹ́yìn, ìnfátà ńlá kan tí wọ́n kọ KVA márùn-ún sí níwájú, àti bátìrì olómi méjì. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi jókòó síbẹ̀, òun náà ti ra mẹ́fà nínú páànẹ́ẹ̀lì yẹn lóṣù tó kọjá.

"Ìyàwó wa, wáráńtì ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n," ó wí. "Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, á ṣì máa ṣiṣẹ́."

"Ẹ fún mi ní káàdì ẹ̀, Ọkọ mi kékeré."

Ojú rẹ̀ ti ń le kí n tó kà á tán. Páànẹ́ẹ̀lì nìkan ló ni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn. Ọdún kan péré ni ti ìnfátà, ọdún kan ni ti bátìrì, àwọn sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kú. Mo yí ìnfátà náà padà. KVA márùn-ún ló wà níwájú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn, pẹ̀lú lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà, wọ́n kọ ọ́ pé wáàtì ẹgbẹ̀ẹ́dógún ni agbára rẹ̀. Àwa kan ń rò pé KVA márùn-ún jẹ́ wáàtì ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni èèyàn fi ń ṣiṣẹ́.

"Bátìrì yìí ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé mo lè lò ó tán lóòjọ́?"

"Ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín."

Irọ́ ni. Mo ti béèrè kiri kí n tó wá. Bátìrì olómi, ìdajì ni kéèyàn máa lò nínú rẹ̀ bí kò bá fẹ́ kó tètè kú, èèyàn á tún máa rọ omi sí i, á sì wá ibi tí afẹ́fẹ́ wà fún un. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni aṣọ funfun ọmọ iléèwé kún, níbo ni màá gbé ásíìdì sí? Bátìrì lítíọ́mù tí mo rí lọ́dọ̀ onísólà kan ní ìsàlẹ̀ ọjà, èèyàn lè lò tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú ẹ̀, wáráńtì ọdún márùn-ún ló sì ní. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Aránṣọ ti di ẹlẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́, Ìyàwó wa. Abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ mú."

Ká ní kò mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ ni, bóyá mo ti bá tèmi lọ. Ọrùn mi ni téèpù mi wà, bó ṣe máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tẹ́ ẹ sórí páànẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́. Ní ìbú, íńṣì mẹ́rìnlélógójì àti ààbọ̀. Ní gígùn, téèpù mi ò tó, torí náà mo fi àtàǹpàkò di ibi ọgọ́ta, mo tún un tẹ́. Íńṣì méjìdínláàádọ́rin.

Mo ti wọn páànẹ́ẹ̀lì ti ìsàlẹ̀ ọjà kí n tó wá. Wáàtì kan náà ni wọ́n kọ sí i lára, ìbú kan náà, ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún íńṣì ni gígùn tiẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Téèpù ló mọ̀ ọ́n. Oòrùn tó bá bà lé páànẹ́ẹ̀lì lára ni páànẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná, bí ara rẹ̀ bá sì kéré, ìwọ̀nba ni yóò rí gbà. Yáàdì méjì ò lè di mẹ́ta nítorí pé wọ́n kọ mẹ́ta sí i lára. Èyí tó wà níwájú mi, bí wọ́n tilẹ̀ ṣe é dáadáa, kò lè ju irínwó wáàtì àti díẹ̀ lọ lórí ìwé, ojú oòrùn á sì tún dín in kù.

Mo sọ ọ́ síta. Inú ń bí mi, mo sì jẹ́ kó bí mi. Mo sọ "ẹ" nù láàárín ọ̀nà.

"Olè ni ẹ́," mo wí fún un. "O fẹ́ fi tèmi dán ọwọ́ wò, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kó sẹ́nu."

Onígbàjámọ̀ dìde, ó ní kí n yá òun ní téèpù yẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ó ti gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà fún Ọkọ mi kékeré, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ìyá ọkọ mi ò pè mí mọ́. Bàbá ọmọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò mí lẹ́nu oúnjẹ, ó ní, "Páànẹ́ẹ̀lì lo lọ wọ̀n, ṣé dandan ni kó o wọn àbúrò mi mọ́ ọn?" Mo ní dandan ni.

Mo ra ti ìsàlẹ̀ ọjà. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ọkùnrin tó tà á ni pé ó bu ọjà ara rẹ̀ kù. Ó so páànẹ́ẹ̀lì kan mọ́ mítà lójú ọ̀sán gangan, ó fi irínwó ó lé ọgbọ̀n hàn mí. "Ẹ má retí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára," ó ní. "Ooru àti eruku á jẹ nínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí lójoojúmọ́ nìyí." Mo mú mẹ́rin, pẹ̀lú ìnfátà àti lítíọ́mù. Ìgbà náà ló fún mi ní káàdì wáráńtì, ó fi ìka sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Ẹni tí ilé-iṣẹ́ kọ́ níṣẹ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tò ó, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ẹlòmíì bá fọwọ́ kàn án, wáráńtì ti kú nìyẹn. Àmọ́ ẹ má mikàn, ọ̀kan wà ní àdúgbò yín."

Kí ó tó ṣàlàyé òpópónà náà tán, mo ti mọ̀ pé Ọkọ mi kékeré ló ń sọ. Èmi tí mo ka káàdì ti ẹlòmíì bí ìwé ẹjọ́, mi ò ka tèmi kí n tó sanwó. Ìparí oṣù sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo ti bá a. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì. Ó to páànẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dá padà sí ara ògiri, wọ́n ju ogún lọ, òun náà jókòó tì wọ́n.

"Ìyàwó wa," ó wí. "Ṣé ẹ wá wọn àwọn tó kù ni?"

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Kò jẹ́ kí ó rọrùn fún mi. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní ta ló ní kí n wá, mo ní káàdì ni. Ó mi orí.

"Ẹ mọ ilé tí mo kọ́kọ́ to àwọn wọ̀nyí sí?" ó wí, ó na ọwọ́ sí ògiri. "Orí ilé ìyá wa. Ìyá wa ń pariwo pé fíríìjì ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, mo ní àwọn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀ jù. Mo bínú sí wọn. Mo ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fíríìjì tí mo rà fún wọn."

Mo yíjú sí àwọn páànẹ́ẹ̀lì ara ògiri.

"Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ ni mo kà," ó ní. "Mi ò wọ̀n ọ́n rí. Ẹni tí ò wọ̀n ọ́n, kì í ṣe olè, Ìyàwó wa. Òmùgọ̀ ni. Ẹ lọ sọ ìyẹn náà fún wọn."

Ó wá ní ọjọ́ kejì. Ó bá mi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò mu omi mi. Ó gun òrùlé, ó yí páànẹ́ẹ̀lì sí ibi tí igi ò ti ní ṣíji bò ó, ó so wáyà tó nípọn láàárín bátìrì àti ìnfátà, ó ní kí n tan ẹ̀rọ méjèèjì, kí n sì ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Gbogbo rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iná ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó dúró wo nọ́ńbà ojú ìnfátà fún ìgbà pípẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí káàdì náà.

Mo ní kí n bẹ̀ ẹ́. Mo ya ẹnu, "Ẹ ṣé" ló jáde.

Ó fi káàdì náà lé mi lọ́wọ́. "Ọdún márùn-ún," ó wí. "Bó bá bàjẹ́, pè mí. Dandan ni kí n wá." Kò fi "ẹ" kún un, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti rán ogún ẹ̀wù kí oòrùn tó ga. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká. Onígbàjámọ̀ yọ orí síta, ó kígbe tẹ̀lé e pé, "Olè onísólà, káàárọ̀ o." Àwọn tó ń dúró gẹrun rẹ́rìn-ín. Kò dúró, kò sì wẹ̀yìn.

Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín ìjókòó mi àti ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀. Ẹyin lohùn. Mo ní kí n dìde, kí n sọ pé kì í ṣe olè, pé òun gan-an ló tan iná tí mo fi ń ránṣọ yìí. Mo wo àwọn yunifọ́ọ̀mù tó kù nílẹ̀, mo rántí ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ tó ti sún mọ́lé, mo sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.